Inṣọ́ránsì ní àwọn ó gbèjà mi, ṣùgbọ́n wọ́n "pa ẹ̀tọ́ wọn mọ́": kí ni lẹ́tà yìí ń sọ?

Akunlé Jọ́jíà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo lẹ́tà kan. Mo ní ilé iṣẹ́ kékeré tó ń kun ilé, tó sì ń tún òrùlé ṣe ní Jọ́jíà níbí, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹta, ọmọkùnrin kan ré bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́ mi, egungun itan rẹ̀ dá. Èmi kọ́ ni mo gbà á síṣẹ́. Kọngílá kan tí mo gbé iṣẹ́ kíkùn fún ló mú un wá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá bá mi nílé, ọjọ́ náà gan-an ni mo fi ránṣẹ́ sí inṣọ́ránsì mi. Èsì wọn dé ní ọjọ́ 19. Mo túmọ̀ ibi tó ká mi lára:

"A ó gba lọ́yà fún yín, a ó sì gbèjà yín nínú ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n a pa gbogbo ẹ̀tọ́ wa mọ́ bí a ti ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó farapa jẹ́ òṣìṣẹ́ yín, ìwé àdéhùn kò sì bo òṣìṣẹ́ yín. Ẹ kò tún tètè fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó wa létí. A pa ẹ̀tọ́ mọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí ìdí mìíràn tó bá yọjú lọ́jọ́ iwájú, àti láti gba owó tí a bá san fún lọ́yà padà lọ́wọ́ yín."

Wọ́n fi ìwé kan sí i tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí. Ṣé wọ́n ti kọ̀ mí ni? Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ìyá Ìbejì Dálásì

Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan o! Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìyẹn. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n máa fi ń sọ pé àwọn ò sanwó láì jẹ́ kí ẹnu wọn sọ ọ́. Ẹ lọ wá lọ́yà tiyín lónìí, kí ẹ má sì bá ẹni tí wọ́n gbà fún yín sọ̀rọ̀ rárá.

Lọ́yà Kìrìjí

Mà, lórí ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí, ìṣọ́ra yín dára. Ṣùgbọ́n kó má bá lọ́yà tí wọ́n gbà fún un sọ̀rọ̀, èyí lè pa á lára, torí náà ẹ jẹ́ kí n tètè wọlé. Àtìláńtà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìjà láàárín inṣọ́ránsì àti àwọn tó ra inṣọ́ránsì ni iṣẹ́ mi láti ọdún mẹ́rìnlá.

Akunlé, ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Ní Jọ́jíà, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní láti fèsì ní kóòtù. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fún yín ní ìwé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ti ń bọ̀ kíákíá. Bí èsì kò bá wọlé, wọ́n lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn yín. Ẹ pe lọ́yà tí wọ́n gbà, ẹ bi í ní ọjọ́ tí yóò fi èsì sílẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé: "A ń gbé ẹrù yìí fún yín báyìí, ṣùgbọ́n a ò tíì gbà pé tiwa ni." Ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí wọ́n bá gba ẹjọ́ yín rò láì sọ ọ́, kóòtù kì í gbà fún wọn láti yí ohùn padà nígbà tó bá yá. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Jọ́jíà dá ẹjọ́ World Harvest Church v. GuideOne. Inṣọ́ránsì ti sọ fún ìjọ náà lẹ́nu pé òun kò rí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe wọ inú ìwé àdéhùn, síbẹ̀ ó gbà láti gbèjà wọn, ó ń bá a bọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó jáwọ́. Kóòtù ní iyèméjì tí ó sọ yẹn kò tó. Ó yẹ kó hàn gbangba sí ìjọ náà pé gbígbèjà yìí ní ẹ̀tọ́ ìpamọ́ lẹ́yìn. Wọ́n tún ní ìjọ náà kò nílò láti fi hàn pé ó pa àwọn lára, torí pé ẹni tó bá fi ẹjọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ti pàdánù àǹfààní láti darí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín ti ṣe ìyẹn. Ìbéèrè tó kù ni bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe ṣe tààrà tó. Ní Jọ́jíà, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí inṣọ́ránsì dúró sí, ibi tó bá sì rú ojú, kóòtù máa ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó gbè yín. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú èyí tí ẹ túmọ̀. Méjì àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ àti pípẹ́ kí ẹ tó sọ, ṣe pàtó. Ìkẹta, "ìdí mìíràn tó bá yọjú", kò sọ nǹkan kan fún yín. Ìkẹrin ni owó lọ́yà, màá padà sórí rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Ókílándì

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin kò sọ ohun tó tóbi jù níbẹ̀. Bí inṣọ́ránsì bá ti pa ẹ̀tọ́ mọ́, òfin ní kí wọ́n sanwó fún lọ́yà tí ẹ bá fúnra yín yàn. Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti gbà á rí. Ẹjọ́ Cumis ní 1984 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òfin Kalifọ́níà sì ti wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ 2860. Akunlé, ẹ yan lọ́yà tiyín, kí ẹ fi bíìlì ránṣẹ́ sí wọn.

Lọ́yà Kìrìjí

Arákùnrin, òótọ́ ni fún Kalifọ́níà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọ̀dọ̀ yín gan-an kì í ṣe gbogbo lẹ́tà ló ń fún èèyàn ní lọ́yà àdáyàn. Ẹsẹ̀ 2860 ń béèrè pé kí ohun tí inṣọ́ránsì pa ẹ̀tọ́ mọ́ lé lórí jẹ́ ohun tí lọ́yà tó ń gbèjà lè darí nínú ẹjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ pípẹ́ kí a tó fi tó wọn létí kì í sábà dé ibẹ̀. Jọ́jíà kò ní òfin bẹ́ẹ̀. Bí Akunlé bá kàn fi bíìlì ránṣẹ́, wọ́n lè dá a padà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fà yọ wúlò níbí. Ẹ wò ó: ṣé ọmọ yẹn jẹ́ òṣìṣẹ́ Akunlé tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè kan náà ló máa pinnu bí inṣọ́ránsì yóò ṣe sanwó, òun náà ló sì lè jáde nínú ẹjọ́ tí ọmọ náà pè. Lọ́yà tí wọ́n gbà yóò bi Akunlé pé ta ló ń sọ aago tí ọmọ náà máa dé, ta ló ni àkàbà, ta ló ń sanwó fún un. Bí ìdáhùn yẹn bá lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣèwádìí bóyá kí wọ́n kọ̀ ọ́, Akunlé ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Torí náà, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n pín fáìlì náà sí méjì: kí ẹnì kan máa bójú tó gbígbèjà, kí ẹlòmíràn máa ṣèwádìí nípa ìwé àdéhùn, kí lọ́yà tó ń gbèjà má sì fún ẹni kejì ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń ṣe é, àmọ́ ẹ béèrè rẹ̀ ní kíkọ.

Bùnmi Pẹ́kámù

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Omi ya láti ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí ti ẹni tó wà nísàlẹ̀, inṣọ́ránsì ń fi ímeèlì ránṣẹ́ fún oṣù méje, lórí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kọ "láì pa ẹ̀tọ́ lára". Ṣé ohun kan náà nìyẹn? Torí èmi rò pé bí wọ́n ti ń bá mi fọ̀rọ̀ wérọ̀ tó yìí, wọ́n ti gbà nìyẹn.

Bàbá Tó Ti Fẹ̀yìntì

Bùnmi ọmọ mi, rárá, méjèèjì yàtọ̀. "Láì pa ẹ̀tọ́ lára" ni a fi ń bo ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà, kí ẹni kejì má baà gbé ohun tí a fi lọ̀ ọ́ lọ sí kóòtù. Kò sọ pé inṣọ́ránsì ń ṣiyè méjì nípa ìwé àdéhùn rẹ. Ẹni tó ń pa ẹ̀tọ́ mọ́ ń fẹ́ kí lẹ́tà òun hàn ní kóòtù lọ́jọ́ kan, òun ló máa fi jẹ́rìí pé òun ti sọ. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ èkíní nígbà tó yẹ kí wọ́n kọ èkejì, ó sì dun àwọn ọ̀gá wọn.

Ní ti pé wọ́n ti gbà, má fọkàn sí i jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ Kosmar Villa Holidays wà, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a ní 2008. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ́ sódò ìlúwẹ̀ẹ́ ní erékùṣù Kọ́fù ní 2002, ó sì rọ. Ó lé ní ọdún kan kí ilé iṣẹ́ tó mú un lọ ìsinmi tó fi tó inṣọ́ránsì létí. Inṣọ́ránsì kọ́kọ́ ń béèrè ìwé, ó ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ, kó tó rántí láti pa ẹ̀tọ́ mọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ó ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kóòtù òkè yí i padà: béèrè tó béèrè ìwé fún ìgbà díẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti gbà. Oṣù méje tìrẹ gùn ju ìyẹn lọ, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù méje yẹn ló ṣe kókó. Ṣí ọ̀rọ̀ tìrẹ sọ́tọ̀, a ó wò ó.

Akunlé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí, torí mo kọ ọ́ fún ọdún méjìlélógún. Lẹ́tà kan wà nínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ yín àti ọjọ́ ni a ń yí padà, a ó da ojú ìwé mẹ́ta mẹ́rin láti inú ìwé àdéhùn sí i, a ó fi "gbogbo ẹ̀tọ́ mìíràn" parí rẹ̀. Ní Gúúsù Kàrólínà, nítòsí yín, ilé-ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 2017 nínú ẹjọ́ Harleysville pé irú dída bẹ́ẹ̀ kò tó. Wọ́n kọ́ àwọn ilé àlájọgbé, ìkọ́lé náà kò dára, inṣọ́ránsì gbèjà oníṣẹ́ náà, ó da ìwé àdéhùn ka inú lẹ́tà láì sọ èyí tó ń jà lórí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Owó ìjìyà nìkan ni wọ́n sọ tààrà, òun nìkan sì ni wọ́n rí dì mú.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ lọ́yà. Bí lẹ́tà yín bá rú ojú, ẹ má kọ̀wé pé kí wọ́n tún un kọ. Ẹ ń kọ́ wọn bí wọ́n ó ṣe mú yín ni.

Lọ́yà Kìrìjí

Bàbá, mo gba ìmọ̀ràn yín lórí, ṣùgbọ́n Gúúsù Kàrólínà kì í ṣe Jọ́jíà, kóòtù wa kò sì tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣe pàtó jù níbí ni ẹjọ́ Maxum ti 2012, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àkàbà. Ẹnì kan ṣubú ní 2004, inṣọ́ránsì kọ̀ láti gbèjà torí pé òṣìṣẹ́ ni, ó sì ní òun pa ẹ̀tọ́ yòókù mọ́. Nígbà tí ìdájọ́ dọ́là mílíọ̀nù 16.4 ti jáde, ó fà á yọ pé wọn kò tètè sọ fún òun. Kóòtù ní kò ṣeé ṣe: ẹni tó bá ti kọ̀ pátápátá kò lè tún pa ẹ̀tọ́ mọ́ lórí ìdí mìíràn nínú lẹ́tà kan náà. Ẹ rí i pé tiyín yàtọ̀. Wọn kò kọ̀ yín, wọ́n sì ti dárúkọ pípẹ́.

Ní ti owó lọ́yà: ní Kalifọ́níà, inṣọ́ránsì lè gbà á padà nígbà mìíràn, ẹjọ́ Buss ti 1997. Níbí, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún wa sọ ní 2023, nínú ẹjọ́ Winder Laboratories, pé lábẹ́ òfin Jọ́jíà, lẹ́tà nìkan kò lè dá irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí kò bá sí nínú ìwé àdéhùn. Ìdí gan-an tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ sáré fọwọ́ sí ìwé kejì yẹn nìyẹn. Lẹ́tà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí di àdéhùn, bí gbólóhùn owó lọ́yà bá wà nínú rẹ̀, ẹ ti fi ọwọ́ yín fún wọn ní ohun tí wọn kò ní. Ṣé ó wà níbẹ̀?

Akunlé Jọ́jíà

Ẹ ṣeun gan-an. Ọkàn mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. Lọ́yà tí wọ́n gbà ti kọ̀wé sí mi, ó ní òun yóò fi èsì sílẹ̀ ní ọjọ́ 29.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ìwé kejì, ní ìlà tó gbẹ̀yìn, lẹ́tà kékeré.

Mo tún rí nǹkan méjì. Lẹ́yìn ìwé àdéhùn mi, lójú ìwé 41, ìwé àfikún kan wà tó ní wọn kò bo ìpalára fún "òṣìṣẹ́ yín, kọngílá yín, tàbí òṣìṣẹ́ kọngílá yín". Lẹ́tà wọn kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Èkejì, ní oṣù Kẹrin mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún ẹni tó ta inṣọ́ránsì náà fún mi pé ọmọ kan ṣubú. Ó dá mi lóhùn pé, "Ó dáa, a ó máa wò ó." Ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Ìyá Ìbejì Dálásì

Háà! Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́ o. Ẹ ti sọ fún wọn nígbà náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ pípẹ́ ti parí.

Bàbá Tó Ti Fẹ̀yìntì

Mà, kò tíì parí. Ta ni ẹni náà ń ṣiṣẹ́ fún? Bí ó bá jẹ́ aṣojú tó ń tà fún ilé iṣẹ́ púpọ̀, ní Jọ́jíà aṣojú oníbàárà ni wọ́n sábà máa ń kà á sí, sísọ fún un kò sì túmọ̀ sí pé ẹ ti sọ fún inṣọ́ránsì. Ẹ wo ìwé àdéhùn bóyá ó ní kí ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ tó aṣojú létí, tàbí bóyá orúkọ àti nọ́ńbà aṣojú náà ló wà níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ ní ohun tí ẹ lè dì mú. Ẹ ya fọ́tò àtẹ̀jíṣẹ́ náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ìwé 41 yẹn ni mo ń bẹ̀rù. Àfikún yẹn gbòòrò ju àyọkúrò òṣìṣẹ́ lásán lọ. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ yín nìkan ni wọ́n yọ, ẹ lè mú fọ́ọ̀mù 1099, ìwé owó orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tara rẹ̀, tí ẹ fún kọngílá yẹn jáde, kí ẹ ní ọmọ yìí kì í ṣe tiyín. Pẹ̀lú àfikún yìí, ìdáhùn yẹn kò gbà yín. Wọn kò tíì rí i. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà Kìrìjí

Bàbá, mo mọ ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò lè gbà á lọ́wọ́ yín tán. Bí wọ́n bá gbèjà Akunlé fún ọdún kan, tí wọ́n wá rí ojú ìwé 41 nígbà tí ẹjọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, a óò jà pé wọn kò dárúkọ rẹ̀, wọn óò sì ní "ìdí mìíràn" ti bò ó, àti pé lẹ́tà kò lè fún èèyàn ní ohun tí ìwé àdéhùn kò fún un. Mo lè borí, mo lè má borí. Ilé Akunlé ló wà lórí ìdíwọ̀n, kì í ṣe tèmi.

Ohun tí mo rí tó dájú ni èyí. Akunlé, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kejì. Ẹ kọ̀wé pé ẹ gba gbígbèjà wọn, ṣùgbọ́n ẹ kò gba ìdí tí wọ́n fi pa ẹ̀tọ́ mọ́, ẹ kò sì gbà láti san owó lọ́yà padà. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ oṣù Kẹrin sí i, kí ẹ béèrè pípín fáìlì. Ẹ má purọ́, ẹ má sì dáhùn ohun tí wọn kò bi yín. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí inṣọ́ránsì lọ́wọ́ kọngílá yẹn, kí lọ́yà yín sì fa òun náà wọ inú ẹjọ́. Bí ó bá ní inṣọ́ránsì òṣìṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọmọ yẹn ti kọ́kọ́ rí owó ìtọ́jú gbà.

Ọmọ Ẹ̀gbá Ókílándì

Ìbéèrè kan: kí ló dé tí kò fi kọ gbígbèjà náà pátápátá, kó ní kí wọ́n gbèjà òun láìsí ìpamọ́?

Lọ́yà Kìrìjí

Ó lè ṣe é. Láti 1976 ni ilé-ẹjọ́ Jọ́jíà ti sọ ohun tí inṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ ṣe bí oníbàárà bá kọ̀: kó kéde ẹ̀tọ́ ìpamọ́ fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ lẹ́yìn oníbàárà, kó sì sáré lọ bẹ kóòtù pé kí ó pinnu bóyá ìwé àdéhùn bo ọ̀rọ̀ náà, kí ẹjọ́ àkọ́kọ́ dúró ná. Akunlé yóò wá ní ẹjọ́ méjì, èkejì sì jẹ́ lórí owó ara rẹ̀. Pẹ̀lú ojú ìwé 41, mi ò ní lé wọn lọ síbẹ̀ lónìí.

Bàbá Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ní ìyẹn, a jọ wà.

Akunlé Jọ́jíà

Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, èsì kóòtù ti wọlé ní ọjọ́ 29. Inṣọ́ránsì gbà láti pín fáìlì, wọ́n fún mi ní orúkọ ẹni tuntun. Kọngílá kò gbé fóònù mi. Lánàá, lẹ́tà kejì dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tuntun yẹn. Wọ́n ti yọ gbólóhùn owó lọ́yà kúrò. Ojú ìwé 41 sì wà níbẹ̀ báyìí, odindi.

Bàbá Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sí orí lẹ́tà kejì? Ẹ fi í pa mọ́ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ sẹ́yìn rẹ̀.